Tún Un Kọ Kí Òfin Tó Ṣiṣẹ́

Òfin agbára fún íńtígírà kò gùn rárá. A fi 1 kún agbára tó wà lórí x, a sì fi agbára tuntun náà pín gbogbo rẹ̀. Báyìí ni íńtígírà x² ṣe di x³/3 + C, níbi tí C jẹ́ nọ́ńbà èyíkéyìí tí kì í yí padà.

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ ni irú 6/√x. Òfin yìí kò mọ gbòǹgbò, kò mọ x abẹ́ ìlà. Agbára nìkan ló mọ̀. Nítorí náà, a ó kọ́kọ́ tún un kọ: √x ni x^(1/2), bó sì ṣe wà nísàlẹ̀, tí a bá gbé e gòkè, agbára rẹ̀ á gba àmì òdì. Ó di 6x^(-1/2). Fi 1 kún -1/2, ó ku 1/2. Pínpín sí 1/2 kò yàtọ̀ sí ìsọdipúpọ̀ pẹ̀lú 2, ìdáhùn sì jẹ́ 12√x + C. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè ṣe dífíríńṣíéṣọ̀n ìdáhùn náà. 6/√x ni yóò tún bá.

Ní ti 1/x³, agbára rẹ̀ ni -3. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á sáré kọ -4. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ gbèsè náírà 3 tó san 1, gbèsè 2 ló kù: -2 ni, ìdáhùn sì jẹ́ -1/(2x²) + C.

1/x nìkan ló yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. -1 àti 1 jẹ́ 0, a kò sì lè fi 0 pín nǹkan. Ln|x| + C ni tirẹ̀.