Fíríìjì Tí Kì Í Sinmi: Ìdí Tí Fírísà Fi Ń Dì Tí Ìsàlẹ̀ Sì Ń Lọ́ Wọ́ọ́rọ́

Ẹni tó ní fíríìjì onílẹ̀kùn méjì, irú èyí tí yìnyín kì í hàn lára ògiri fírísà rẹ̀, ni a kọ ìwé yìí fún. Fírísà wà lókè. Ìsàlẹ̀ ni à ń kó ọbẹ̀, omi, èso àti oògùn sí. Ẹran inú fírísà dì gbagidi, ṣùgbọ́n omi ìsàlẹ̀ kò tutù, ẹ̀fọ́ ti ń rọ, ọbẹ̀ àná ti kan, ẹ̀rọ náà sì ń kùn tọ̀sán-tòru. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé gáàsì ti tán. Bí gáàsì bá tán lóòótọ́, fírísà náà kò ní lè mú nǹkan dì mọ́. Ẹ má tíì sanwó gáàsì.

Ibi tí òtútù ìsàlẹ̀ ti ń wá

Nínú ọ̀pọ̀ irú fíríìjì yìí, ìsàlẹ̀ kò ní òtútù tirẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ni òtútù ti ń jáde, ìyẹn àwọn páìpù tó fara pamọ́ sẹ́yìn ike tó bo ògiri ẹ̀yìn fírísà. Fáànù kékeré kan ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba àárín páìpù wọ̀nyí kọjá. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń lọ sínú fírísà, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń gba ihò kan sọ̀kalẹ̀ wá sísàlẹ̀.

Afẹ́fẹ́ yẹn ní ọ̀rinrin nínú, pàápàá nílùú tí ojú ọjọ́ ti máa ń rin bíi tiwa. Ọ̀rinrin yìí ló ń di yìnyín funfun sára páìpù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi hítà kan síbẹ̀. Bí kọ̀ǹpẹ́sọ̀ bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí mélòó kan, bíi 6 sí 12 nínú ọ̀pọ̀ wọn, táímà tàbí bóòdù á dá a dúró, á sì tan hítà. Yìnyín á yọ́, omi rẹ̀ á ṣàn lọ sínú abọ́ tó wà nítòsí kọ̀ǹpẹ́sọ̀ lẹ́yìn, á sì gbẹ síbẹ̀. Ẹ̀yà kékeré kan tó ń mọ ìgbóná ni kì í jẹ́ kí hítà yẹn gbóná jù.

Bí hítà bá jó, tàbí táímà kò yí mọ́, tàbí ẹ̀yà tó ń mọ ìgbóná bá kú, yìnyín ò ní yọ́ mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa nípọn títí yóò fi dí gbogbo àlàfo àárín páìpù. Fírísà á ṣì tutù nítorí pé ẹ̀gbẹ́ yìnyín náà gan-an ló wà. Ìsàlẹ̀ ni kò ní rí afẹ́fẹ́ gbà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nínú ọ̀pọ̀ fíríìjì, ìsàlẹ̀ yìí kan náà ni ohun tó ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpẹ́sọ̀ wà. Ó rí i pé ibẹ̀ gbóná, kò sì jẹ́ kí kọ̀ǹpẹ́sọ̀ sinmi. Bí ẹ bá yí bọ́tìnnì òtútù sókè sí i, ẹ kàn ń fi owó iná ṣòfò ni.

Ohun tí àìsí iná lè fi hàn yín

Ẹ ronú padà. Ṣé iná ti lọ fún odindi ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, tó jẹ́ pé nígbà tó dé, ìsàlẹ̀ tutù dáadáa fún ọjọ́ bíi mélòó kan kó tó tún bà jẹ́? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, yìnyín ẹ̀yìn ike yẹn ló yọ́ nígbà tí iná kò sí. Àmì tó lágbára nìyẹn pé àìyọ́ yìnyín ni ìṣòro náà. Ó tún jẹ́ kí a mọ ìdí tí àwọn kan fi ń rò pé fíríìjì àwọn ń “wo ara rẹ̀ sàn”.

Ẹ lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ìdánwò yìí. Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan n'Íbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Ní àárọ̀ Sátidé, wọ́n kó oúnjẹ sínú kúlà oníyìnyín, wọ́n yọ wáyà fíríìjì kúrò lára iná, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì, wọ́n sì tẹ́ aṣọ sílẹ̀ de omi. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n tan án padà, wọ́n gbé ife omi kan tí tẹ̀mómítà wà nínú rẹ̀ sí àárín ìsàlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó wà ní 4°C. Lọ́jọ́bọ̀, 4°C náà ni. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó ti di 9°C. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, 13°C. Ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe tú ike ẹ̀yìn fírísà, ó bá yìnyín tó bo páìpù látòkè délẹ̀. Ó fi mítà dán hítà wò, iná kò gbà á kọjá. Hítà ni wọ́n pààrọ̀, wọn ò fọwọ́ kan gáàsì.

Bí ìsàlẹ̀ kò bá tutù rárá lẹ́yìn tí yìnyín ti yọ́ tán, ẹ fura sí fáànù. Ẹ ṣí fírísà, ẹ fi ìka tẹ bọ́tìnnì tí ilẹ̀kùn máa ń tẹ̀, kí ẹ sì tẹ́tí. Nínú àwọn kan, ó máa ń tó ìṣẹ́jú díẹ̀ kí fáànù tó yí. Bí fáànù bá ń yí, ó lè jẹ́ pé ìdérí ihò tó ń lọ sísàlẹ̀ ló há, tàbí kí ọ̀rá tí a fi di ẹran dí ẹnu ihò náà. Gáàsì tó ń jò díẹ̀díẹ̀ náà lè bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ohun tí ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe yóò rí nígbà náà ni pé apá kan páìpù nìkan ló ní yìnyín, ìyókù gbẹ.

Ẹ má fi ọ̀bẹ gé yìnyín. Páìpù yẹn kò le. Bí ó bá lu, gáàsì á jáde, àwọn kan nínú gáàsì fíríìjì òde òní sì máa ń gbaná.

Oúnjẹ àti oògùn tó wà nísàlẹ̀

5°C tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ìsàlẹ̀ wà. Ọbẹ̀, ẹran sísè tàbí wàrà tó ti lò ju wákàtí 2 lọ níbi tó gbóná tó inú ilé, ẹ dà á nù. Sísè é padà kò ní yanjú rẹ̀, nítorí májèlé tí àwọn kòkòrò kan ti pọ̀ sínú rẹ̀ kì í kú sínú iná.

Ọ̀rọ̀ ínsúlínì ló ká wa lára jù. Nígbà tí ìsàlẹ̀ bá gbóná, ó máa ń wu èèyàn láti gbé e lọ sí fírísà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí ẹ kò tíì ṣí gbọ́dọ̀ wà láàárín 2°C sí 8°C, ínsúlínì tó bá sì ti dì ti bà jẹ́, kódà bó bá yọ́ padà tó sì mọ́ bí omi. Ọ̀pọ̀ èyí tí ẹ ti ń lò lọ́wọ́ lè wà níta fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4, níbi tí kò gbóná ju 30°C lọ tí oòrùn kò sì dé. Ẹ ka ìwé inú páálí tiyín. Títí fíríìjì yín yóò fi dára, ẹ gbé èyí tí ẹ kò tíì ṣí lọ fún nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín, kí ẹ sì sọ iye ọjọ́ tó ti wà nínú ìgbóná fún un.