Eruku Mélòó Lẹ Fẹ́ Dà Bo Fọ́tò Ìyá Yín?

Ẹ ní fọ́tò ìyá yín kan. Wọ́n jókòó sórí àga, wọ́n wọ ìró àti bùbá funfun. Ẹ gbé e sí ojú ewé img2img nínú Stable Diffusion, ẹ sì kọ ọ́ pé kí aṣọ náà di àdìrẹ aláró. Nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Denoising strength, láti 0 dé 1. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ń po fọ́tò mọ́ ọ̀rọ̀ bí ẹní po omi gbígbóná mọ́ tútù ni. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ náà á kọ́kọ́ da eruku bo fọ́tò yín, bí ojú tẹlifíṣọ̀n tí eríà rẹ̀ ò gbé. Nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bí eruku náà yóò ti pọ̀ tó. Lẹ́yìn náà ni yóò máa nù ún díẹ̀díẹ̀, tí ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ á máa tọ́ ọ sọ́nà. Bí ẹ bá yan ìnù 50, tí nọ́ńbà sì jẹ́ 0.6, 50 × 0.6 = 30 ni yóò ṣe. Yóò fo 20 àkọ́kọ́.

Àwọn ìnù àkọ́kọ́ ló ń pinnu àwọ̀ tó gbilẹ̀ àti ibi tí nǹkan wà. Ojú, ìka àti ọnà wẹ́wẹ́ ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí aṣọ fi sábà máa ń funfun síbẹ̀ ní 0.3. Ní 0.8, aró á mú dáadáa, ṣùgbọ́n obìnrin mìíràn ló jókòó sórí àga. Ní nǹkan bí 0.55, ìjókòó wọn kò yẹ̀, aró mú díẹ̀, àmọ́ ojú ti ń yí padà.

Ẹlòmíràn á wá gbé CFG Scale sókè láti 7 sí 15 kí ọ̀rọ̀ lè lágbára. Bí eruku bá kéré, ọ̀rọ̀ ò rí àyè ṣiṣẹ́. Àwọ̀ á kàn le koko ni.

Ohun tó dára jù ni kí ẹ fi àwọ̀ aró kun aṣọ inú fọ́tò náà fúnra yín kí ẹ tó gbé e síbẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ ṣọ́ra, ẹ kàn jẹ́ kí ìṣẹ́po aṣọ ṣì hàn lábẹ́ rẹ̀. Àwọ̀ aró ti wà nílẹ̀, nítorí náà 0.4 á tó láti fi ọnà àdìrẹ sí i. Ẹ wá lo Inpaint, kí ẹ sàmì sí aṣọ nìkan, kí ẹ̀rọ má fọwọ́ kan ojú.

Bí ẹ bá ń dán an wò, ẹ má yí Seed padà, 0.05 ni kí ẹ máa fi kún nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé àwòrán tuntun sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò, kí ẹ wo ọwọ́ tó wà lórí aṣọ. Bí ìka bá ti di mẹ́fà tàbí tí òrùka ìgbéyàwó wọn pòórá, eruku ti pọ̀ jù, ẹ dín in kù.