Pọ́n-ùn Ni Kí Ẹ Fi Ka Owó Ọmọ Tó Ń Lọ sí Ìlú Ọba

Ẹni tó ń ta aṣọ òkèèrè mọ ọ̀rọ̀ kan dájú. Bí ó bá ta aṣọ kan lónìí, kì í ṣe iye tó rà á ní oṣù tó kọjá ni yóò fi mọ èrè rẹ̀, bí kò ṣe iye tí yóò fi ra òmíràn dípò rẹ̀. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ẹni tó mọ èyí ní ṣọ́ọ̀bù a gbàgbé rẹ̀ nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá ń lọ kàwé ní Ìlú Ọba. Yóò sọ gbogbo owó náà di náírà, yóò sì wí pé, "Mo ti ní i nílẹ̀." Bẹ́ẹ̀ sì ni náírà kọ́ ni ilé-ìwé ọ̀hún yóò gbà. Pọ́n-ùn ni.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe, àwọn òbí a sì máa gbé ìwé owó ọmọ wọn wá kí á jọ ṣírò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ti bàbá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ kàwé gba oyè kejì, ẹ̀kọ́ ọlọ́dún kan, ní ìlú kan tí kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù, ní oṣù Kẹsàn-án 2023. Owó ilé-ìwé jẹ́ £15,000. Wọ́n ní kí ó san ìdajì nígbà ìforúkọsílẹ̀, kí ó san ìdajì yòókù ní oṣù Kejì 2024.

Ẹ ó rántí pé oṣù Kẹfà 2023 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, pọ́n-ùn kan kò tó ₦600 ní báńkì. Nígbà tí ọmọ yìí ń lọ, ó ti di bíi ₦950. Bàbá san £7,500 àkọ́kọ́ pẹ̀lú ₦7,125,000. Ó wá kó ₦7,500,000 pamọ́ sí báńkì fún ìdajì kejì, pẹ̀lú èlé ₦12 lórí ₦100 lọ́dún. Lójú rẹ̀, owó náà tó, ó tún lé.

Nígbà tí oṣù Kejì dé, pọ́n-ùn kan ti di bíi ₦1,850. £7,500 kan náà wá ń béèrè ₦13,875,000. Èlé oṣù márùn-ún jẹ́ ₦375,000, gbogbo owó rẹ̀ sì di ₦7,875,000. Bí a ti pín in sí pọ́n-ùn, £4,256 ni a rí. Owó náà pọ̀ sí i ní náírà, ó sì dín kù ní pọ́n-ùn. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ohun tó gba bàbá yìí là ni pé kò dúró kí ọjọ́ kọjá. Ọmọ rẹ̀ kọ̀wé sí ilé-ìwé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, wọ́n sì gbà kí ó san gbèsè náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Bàbá ta ilẹ̀ kan láti fi san ìyókù. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló bọ́ báyìí. Ní oṣù Karùn-ún 2024, BBC ròyìn àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Yunifásítì Tíísáìdì tí wọ́n yọ kúrò lẹ́nu ẹ̀kọ́, tí wọ́n sì ní kí wọ́n padà sílé, nítorí owó tí wọn kò lè san lásìkò lẹ́yìn tí náírà ti já wálẹ̀. Ilé-ìwé ló ṣe onígbọ̀wọ́ físà ọmọ. Bí wọ́n bá yọ orúkọ rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba.

Kí ni kí òbí ṣe? Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ ohun tí ẹ ó san, ọjọ́ tí ẹ ó san án, àti iye rẹ̀ ní pọ́n-ùn, gbogbo rẹ̀ ní yíǹkì. Pẹ́ńsùlù ni kí ẹ fi kọ ti náírà sí ẹ̀gbẹ́, nítorí ẹ ó máa pa á rẹ́. Ẹ má gbàgbé owó ìtọ́jú ìlera tí wọ́n ń gbà pọ̀ mọ́ físà. £776 lọ́dún ni láti oṣù Kejì 2024, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ọlọ́dún kan a máa gba £1,164, nítorí wọ́n ń fi oṣù mẹ́rin kún ọjọ́ físà, wọ́n sì ń ka èyí sí ààbọ̀ ọdún.

Lẹ́yìn èyí, bí èrè bá ṣe ń wọlé lóṣooṣù ni kí ẹ máa fi ra pọ́n-ùn sínú àkáǹtì owó òkèèrè tí àwọn báńkì ń pè ní dọmisílíárì. Gbèsè tí ọjọ́ rẹ̀ sún mọ́ jù ni kí ẹ kọ́kọ́ rà tán. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ pín náírà tó kù sí iye tí báńkì yóò ta pọ́n-ùn fún yín gan-an, kì í ṣe iye tí ẹ gbọ́ nínú ìròyìn. Bí pọ́n-ùn tí ẹ rí bá kéré sí ti oṣù tó kọjá, ẹ̀yìn lẹ ń lọ, bí náírà tiẹ̀ ń pọ̀. Lóòótọ́, náírà lè lágbára sí i lẹ́yìn tí ẹ ti rà tán, ẹ ó sì pàdánù díẹ̀. Ṣùgbọ́n pọ́n-ùn ni gbèsè yín, ẹ sì ti ní in lọ́wọ́.

Owó oúnjẹ àti ilé náà ní pàkúté tirẹ̀ nígbà físà. Láti oṣù Kọkànlá 2025, ọmọ tí kò ní gbé ní Lọ́ńdọ̀nù gbọ́dọ̀ fi £1,171 hàn fún oṣù kọ̀ọ̀kan, títí dé oṣù mẹ́sàn-án, ìyẹn £10,539. Owó náà gbọ́dọ̀ wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 léraléra láìdín. Bí ó bá jẹ́ náírà, iye tó wà lórí OANDA ní ọjọ́ tí ẹ fi ìwé ránṣẹ́ ni wọn yóò fi ṣírò rẹ̀.

Ká ní ẹ fi ₦21,078,000 sílẹ̀ nígbà tí pọ́n-ùn jẹ́ ₦2,000. Ó pé géérégé. Bí pọ́n-ùn bá di ₦2,100 ní ọjọ́ ìfìwéránṣẹ́, ₦22,131,900 ni wọn yóò máa wá. Bí ẹ bá sáré fi owó kún un lọ́jọ́ yẹn, kò wúlò, nítorí ọjọ́ 27 tó ti kọjá kò pé. Ọjọ́ kìíní ni kí àlékún ti wà níbẹ̀, ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bí ó bá sì ṣe pọ́n-ùn ni ẹ fi pamọ́, ìbẹ̀rù yìí kò sí rárá.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni òfin gba ọmọ yunifásítì láyè láti ṣiṣẹ́ nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé. Owó yẹn lè ra oúnjẹ, bí iṣẹ́ bá tilẹ̀ yá. Ẹ má ṣe kọ ọ́ sí ibi tí owó ilé-ìwé wà. Bí ẹ bá pín owó yín tán tí pọ́n-ùn tí ẹ rí kò sì tó ìdajì kejì láìfi iṣẹ́ ọmọ kún un, ó sàn kí ọmọ dúró di ọdún tó ń bọ̀ ju kí wọ́n dá a padà ní àárín ọ̀nà.