Nígbà Tí Páswọ́ọ̀dù Bá Ti Òṣìṣẹ́ Mọ́ta

Ká ní páswọ́ọ̀dù ń kú lóṣooṣù ní ọ́fíìsì kékeré kan tó ń lo Windows, àṣìṣe mẹ́ta sì ń ti àkáǹtì pa. Akọ̀wé tan tábúlẹ́ẹ̀tì tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ láti oṣù mẹ́rin. Ó ń fi páswọ́ọ̀dù àtijọ́ wọlé ṣáá, àkáǹtì sì tì. Ìṣẹ̀lẹ̀ 4740 nínú àkọsílẹ̀ ààbò sábà máa ń dárúkọ ẹ̀rọ tó fà á.

Ẹ gbé "Account lockout threshold" sí 10, kí títì náà sì jẹ́ ìṣẹ́jú 15. Ìyẹn ṣì ń dí olè tó ń méfò lọ́wọ́.

Pípààrọ̀ lóṣooṣù ńkọ́? Òṣìṣẹ́ á kàn fi 2 rọ́pò 1 níparí rẹ̀ ni. Ní 2019, Microsoft yọ ọ́ kúrò nínú ìlànà tí wọ́n ń dámọ̀ràn. Àmọ́ bí kò bá sí i, ẹni tó jí páswọ́ọ̀dù yóò máa lò ó títí a ó fi fura.