Fóódà Wo Ló Yẹ Kó Gòkè?

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ránṣọ ní Ìbàdàn ní kí n bá òun ṣe é tí ohun tó wà nínú láptọ́ọ̀pù òun yóò fi máa wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì náà, kí olè tàbí omi má baà kó iṣẹ́ òun lọ. Google Drive la lò.

Àyè la kọ́kọ́ wò. Gigabáìtì 15 ni Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ inú rẹ̀ náà ni Gmail àti Google Photos ti ń jẹ. Nínú ti ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́tà àti fọ́tò inú fóònù ti jẹ 9. Ó ku 6.

Ó wá di pé ká wọn àwọn fóódà. Ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún máọ̀sì tẹ fóódà, ẹ yan Properties, ẹ ó rí bó ṣe tóbi tó. Documents jẹ́ gigabáìtì 2. Ìwọ̀n àwọn oníbàárà àti àkọsílẹ̀ gbèsè wà níbẹ̀, kò ní àríyànjiyàn. Downloads jẹ́ 11, fíìmù àti áàpù tó ti fi sórí kọ̀ǹpútà tán ló kún un. Ohun téèyàn lè tún lọ gbà níbi tó ti gbà á tẹ́lẹ̀ kò yẹ kó gbàyè, a fi í sílẹ̀. Pictures, 18, ló dá wàhálà sílẹ̀.

"Sítáì mi ńkọ́?"

Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀. Nígbà tí a ṣí i, fídíò ìgbéyàwó ló kó 16 nínú rẹ̀, fóódà sítáì kò ju 1.5 lọ. Fóódà kékeré yẹn nìkan la mú. Fídíò lọ sórí háàdì ọ̀tọ̀.

Lẹ́yìn tí a fi Google Drive for desktop sórí kọ̀ǹpútà, a tẹ àmì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago ìsàlẹ̀, a wọ Preferences, a tẹ Add folder, a sì yan Sync with Google Drive fún fóódà méjèèjì. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń gbé mẹ́gábíìtì 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gigabáìtì 3.5 yóò gbà tó wákàtí mẹ́rin, nítorí náà òru la fi í sí, a sì rí i pé láptọ́ọ̀pù kò ní sùn. Lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ yìí, kìkì fáìlì tó bá yí padà tàbí tó jẹ́ tuntun ni yóò máa gòkè.

Ohun tí mo tẹnu mọ́ fún wọn jù ni pé bí wọ́n bá pa fáìlì rẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù, yóò kúrò lókè náà. Ọjọ́ 30 péré ló máa lò nínú Trash kó tó lọ pátápátá. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà àkọsílẹ̀ gbèsè fi tún wà lórí háàdì yẹn.

Tí ẹ bá ṣe tiyín tán, ẹ lọ sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíì, ẹ wọ drive.google.com, ẹ tẹ Computers. Bí ẹ kò bá rí fóódà yín níbẹ̀, kò tíì gòkè.