Ọ̀rọ̀ Ojú Àwòrán àti Àkọlé Fídíò

Lórí YouTube, àwòrán fídíò àti àkọlé rẹ̀ jọ máa ń yọ sí èèyàn ni. Bí a bá kọ "Bí a ṣe ń se mọ́ínmọ́ín" sójú àwòrán, tí àkọlé tún ń sọ ohun kan náà, àyè kan ti ṣòfò.

Inú àkọlé ni kí orúkọ oúnjẹ wà, torí òun ni àwọn èèyàn ń tẹ̀ bí wọ́n bá ń wá fídíò: "Ìdí tí mọ́ínmọ́ín yín kì í fi í dì". Ẹ jẹ́ kó tètè jáde, nítorí fóònù máa ń gé ìparí àkọlé tó bá gùn. Ẹ wá fi mọ́ínmọ́ín tó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ hàn nínú àwòrán, kí ẹ kọ "Omi kọ́!" sí i. Ẹni tó ti ń dá omi lẹ́bi yóò fẹ́ mọ ohun tó fà á. Ká ní "Ẹ̀wà ò kúnná" lẹ kọ, ẹ ti dáhùn ìbéèrè náà tán síta, mi ò sì rí ìdí tí yóò fi wọlé.

Àmọ́ ẹ tètè dáhùn nínú fídíò. Bí ẹ bá fi falẹ̀, àwọn èèyàn á jáde, ìlà tó ń fi iye òǹwòran hàn nínú YouTube Studio á sì já wálẹ̀ níbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má kọ nǹkan sí igun ọ̀tún nísàlẹ̀ àwòrán: ibẹ̀ ni YouTube ń lẹ gígùn fídíò mọ́.