Ọ̀rọ̀ Ìlọ́tìkọ̀ Nínú Lẹ́tà Ímeèlì: Bí A Ṣe Lè Yọ Ọ́ Láìdi Aláfojúdi

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣe àlàyé lórí irú gbólóhùn kan tí ó ti gbilẹ̀ nínú ímeèlì tí àwa olùkọ́ Yorùbá ń kọ sí àwọn ọ̀gá ìdánwò. Ẹ jẹ́ kí a wo èyí tí olùkọ́ kan fi hàn wá:

(1) Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo kàn ní kí n kọ̀wé sí yín ni. Mo ti ń rò ó pé bóyá, bí kò bá ní ni yín lára, ẹ lè wo ọ̀rọ̀ ìlànà máàkì yẹn díẹ̀.

Èsì tí ó rí gbà ni pé, 'A ti rí lẹ́tà yín. Ẹ ṣeun.' Ọ̀gá náà kò ṣe àìdáa, nítorí pé kò sí ìbéèrè kankan nínú lẹ́tà náà. Olùkọ́ ní òun ń rò nǹkan, ọ̀gá sì ti gbọ́. Ni inú bá bí olùkọ́, ó tún kọ ọ́ báyìí:

(2) Ẹ fi ìlànà máàkì ránṣẹ́ sí wa.

Èyí ni ọ̀gá kà sí ìwọ̀sí.

Ọ̀rọ̀ ìlọ́tìkọ̀ ni a ó máa pe 'kàn' àti 'mo ti ń rò ó pé bóyá' inú (1). Inú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ti mú ìkejì wá. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì a máa fi àsìkò afànámónìí tọrọ nǹkan, bí ẹni pé èrò náà ti kọjá lọ, kí ẹni tí a ń bẹ̀ lè rí àyè kọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà láti fi irú àsìkò bẹ́ẹ̀ hàn. 'Ti ń' tí a fi rọ́pò rẹ̀ ń tọ́ka sí ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ tí kò sì tíì parí. Létí àgbà, 'mo ti ń rò ó' lè dún bí ìgbà tí ènìyàn ti ń di ọ̀rọ̀ sínú. Bí a bá yọ ọ́, ọ̀wọ̀ kankan kò bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ 'kàn' gba ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo:

(3) Ó kàn kọ orúkọ rẹ̀ ni, kò dáhùn ìbéèrè kankan.
(4) Mo kàn fẹ́ béèrè ọjọ́ ìpàdé ni.

Bí a bá yọ 'kàn' inú (3), ìtumọ̀ yóò yàtọ̀. Ti (4) kò ní yàtọ̀. Ti (4) ni ìlọ́tìkọ̀. Kò tán síbẹ̀: 'kàn' tún lè túmọ̀ sí pé a ṣe nǹkan láìnídìí, bí i 'ó kàn dìde, ó lọ'. Ẹni tí ó bá wí pé òun 'kàn ní kí òun kọ̀wé' ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé òun kò ní ìdí.

Nínú iṣẹ́ tí Brown àti Levinson tẹ̀ jáde ní 1978 lórí ọ̀wọ̀ nínú èdè, wọ́n ya sísọ ẹ̀bẹ̀ di kékeré sọ́tọ̀ kúrò lára bíbu ọlá fún ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Èkejì yìí ni Yorùbá ní lọ́pọ̀ yanturu: 'ẹ', 'yín', ìkíni, 'ẹ jọ̀wọ́'. Ṣùgbọ́n 'ẹ' wà nínú (2), ó sì tún bí ọ̀gá nínú. Kí ló fà á? Kò sí ìkíni, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìdí. Ní tiwa, àìsí ìdí ló burú jù, nítorí pé ọ̀gá ni í béèrè nǹkan láìsọ ìdí. Àtúnkọ tí a dábàá nìyí:

(5) Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ìdánwò. Ìlànà máàkì Ìwé Kejì kò tíì tẹ̀ wá lọ́wọ́, ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ni a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í máàkì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ kí ó tó di ọjọ́ 11. Bí kò bá tíì jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ọjọ́ tí a lè máa retí rẹ̀ fún wa. Ẹ ṣeun, sà.

Ẹ kíyè sí 'bá' inú 'ẹ bá wa'. Òun ló sọ àṣẹ di ìrànlọ́wọ́, láìlọ́tìkọ̀. Gbólóhùn 'bí kò bá tíì jáde' náà fún ọ̀gá ní àyè láti kọ̀, èyí tí 'bí kò bá ní ni yín lára' fẹ́ ṣe tí kò lè ṣe. Ìṣesí ọ̀gá ni ọ̀kan ń wádìí. Ohun tí ó lè dáhùn ni èkejì ń béèrè.

Kì í ṣe gbogbo 'bóyá' ni a ó yọ. Bí a kò bá mọ̀ bóyá àṣìṣe wà nínú ìbéèrè 4, kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé àgbà ló ṣi àròpọ̀ máàkì ṣe, bí ó tilẹ̀ dá wa lójú, 'ó dà bí ẹni pé àṣìṣe wọ àròpọ̀ náà' ni a ó kọ. A kò ní kọ 'ẹ ṣì í rò' láéláé. Olùdánwò tí ó bá fa igi sí ìdí irú gbólóhùn yìí nínú lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò ṣe é dáadáa. 'Kàn' inú (4) ni kí ó fa igi sí.